Ìka, Ẹsẹ̀ àti Ẹ̀rín Músẹ́: Ohun Tí Ìbéèrè Ọ̀rọ̀ Méjì-Méjì Ń Bi Ọmọ

Ẹ wo ìbéèrè yìí ná:

ọ̀bẹ : gígé :: abẹ́rẹ́ : ___

Bí a ṣe ń kà á nìyí: bí ọ̀bẹ ṣe jẹ́ sí gígé, bẹ́ẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ṣe jẹ́ sí kí ni? Wọ́n á wá to ìdáhùn mẹ́rin sísàlẹ̀ kí ọmọ mú ọ̀kan: òwú, rírán, aṣọ, télọ̀. Irú ìbéèrè yìí wà lára ohun tí wọ́n ń bi àwọn ọmọ nínú Kọ́mọ́ọ̀nù Ẹ́ńtíráǹsì tí NECO ń ṣe fún àwọn ọmọ páírámárì kẹfà tó fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ti ìjọba àpapọ̀. Àwọn ọmọ lẹ́sìn ládùúgbò wa níbí, ní Festac, "fábà" ni wọ́n ń pè é ní kúkúrú. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀ ju ìṣirò lọ. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù rẹ̀ nítorí pé kò jọ ohun tí èèyàn lè há sórí.

Ìdáhùn rẹ̀ ni rírán. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé òwú, aṣọ àti télọ̀ náà bá abẹ́rẹ́ tan. Ẹni tó gbé ìbéèrè náà kalẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ kó wọn síbẹ̀ ni. Tí ọmọ bá kàn ń wá ohun tó bá abẹ́rẹ́ tan, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa dà bí ẹni pé wọ́n tọ́, á sì mú èyí tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn, tó sábà máa ń jẹ́ òwú. Ó ní láti kọ́kọ́ mọ irú ìbátan tó wà láàárín ọ̀bẹ àti gígé, kó tó wá irú ìbátan yẹn gan-an fún abẹ́rẹ́.

Ọ̀nà tí mo mọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ jù ni kí ọmọ fi ọ̀rọ̀ méjì àkọ́kọ́ ṣe gbólóhùn kúkúrú kan: "Ọ̀bẹ ni a fi ń ṣe iṣẹ́ gígé." Lẹ́yìn náà, kó yọ ọ̀rọ̀ méjèèjì kúrò, kó fi ọ̀rọ̀ tuntun sí àyè wọn, kó má sì fọwọ́ kan ìyókù: "Abẹ́rẹ́ ni a fi ń ṣe iṣẹ́ rírán." Ó wọlé. "Abẹ́rẹ́ ni a fi ń ṣe iṣẹ́ òwú" ò wọlé. Etí fúnra rẹ̀ á kọ̀ ọ́. Afárá ni mo máa ń pe gbólóhùn bẹ́ẹ̀, nítorí pé orí rẹ̀ ni ọmọ máa gbà kọjá láti ọ̀rọ̀ méjì àkọ́kọ́ sí méjì ìkẹyìn.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ láyé. Aristotle, ọmọ Gíríìkì, sọ ọ́ nínú ìwé tó kọ lórí ewì pé bí ìrọ̀lẹ́ ṣe jẹ́ sí ọjọ́ ni ogbó ṣe jẹ́ sí ayé ènìyàn, ìdí nìyẹn tí akéwì fi lè pe ogbó ní ìrọ̀lẹ́ ayé. Yorùbá tí ò gbọ́ orúkọ Aristotle rí, tó ń gbàdúrà lójoojúmọ́ pé kí ọjọ́ alẹ́ òun dára, ti sọdá afárá kan náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá sọ fún yín pé irú ìrònú yìí ṣòro fún ọmọ tó bá ń ronú ní Yorùbá. Ohun tó máa ń fa wàhálà wà níbòmíràn, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa dá lé lónìí.

Ìyá kan ládùúgbò mú ìwé ìdánwò ọmọ rẹ̀ wá bá mi láìpẹ́ yìí. Ọmọkùnrin ni, ó wà ní páírámárì karùn-ún. Ìbéèrè mẹ́wàá ni wọ́n fún un, ó gba mẹ́fà, ó kùnà mẹ́rin. Tíṣà rẹ̀ sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé náà pé ọmọ yìí ò lè ronú. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó," ni ìyá ọmọ wí. "Ọmọ tó máa ń bá mi ṣe owó ọjà láì lo kakulétọ̀, báwo ni ò ṣe ní lè ronú?" Mo pe ọmọ náà jókòó, mo ní kó sọ fún mi, lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan tó kùnà, gbólóhùn tó wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó fi mú ìdáhùn tó mú. Ẹ jẹ́ ká tọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́yìn, nítorí àṣìṣe wọn ò jọra rárá.

Àkọ́kọ́ jẹ́ ti iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe. Wọ́n fún un ní ọ̀bẹ : gígé, wọ́n ní kó mú ọ̀rọ̀ méjì tó bá a dọ́gba. Ó mú kíkọ : bírò, ó fi ìgbálẹ̀ : gbígbá sílẹ̀. Mo ní kó sọ gbólóhùn rẹ̀. Ó ní, "Bírò ni a fi ń ṣe iṣẹ́ kíkọ, sà." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ti yí i padà. Nínú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ohun èlò ló ṣíwájú, iṣẹ́ tẹ̀lé e. Nínú èyí tó mú, iṣẹ́ ló ṣíwájú. Tó bá jẹ́ pé ó fi wọ́n sí àyè wọn bí wọ́n ṣe tò wọ́n ni, ohun tó máa rí kà ni "Kíkọ ni a fi ń ṣe iṣẹ́ bírò," òun fúnra rẹ̀ á sì rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín lóòótọ́ nígbà tí mo kà á fún un. Àṣìṣe ìtòlẹ́sẹẹsẹ nìyẹn, àárín ìṣẹ́jú márùn-ún sì ni ọmọ fi ń borí rẹ̀: kó máa ka afárá rẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún, kó má fò.

Kí n tó kúrò lórí ti iṣẹ́, nǹkan kan wà tí àwọn tó ń ṣe ìbéèrè ní Yorùbá gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. Èdè wa máa ń fi iṣẹ́ nǹkan sínú orúkọ rẹ̀. Ìgbálẹ̀ ń gbá ilẹ̀, ìbòrí ń bo orí, ìbọ̀sẹ̀ ni a ń ki ẹsẹ̀ bọ̀. Tí ẹ bá bi ọmọ pé ìbòrí : orí :: ìbọ̀sẹ̀ : ___, ẹ ti kọ ìdáhùn sínú ìbéèrè. Ọmọ tí ò ronú rárá máa gbà á, torí pé ẹsẹ̀ ń ké nínú ìbọ̀sẹ̀. Fìlà : orí :: bàtà : ___ ló dára jù, nítorí pé ojú ọ̀rọ̀ ò sọ ohunkóhun níbẹ̀.

Ìkejì jẹ́ ti apá kan àti òdindi: táyà : mọ́tò. Ọmọ náà mú máńgòrò : èso. Ojú ewé : ìwé ni wọ́n ń fẹ́. Nígbà tí mo bi í, gbólóhùn tó sọ ni pé "Táyà wà nínú mọ́tò, máńgòrò náà wà nínú èso." Níbí, ìrònú ló kù díẹ̀ káàtó. Afárá rẹ̀ ò lágbára; ó fẹ̀ jù. "Wà nínú" lè túmọ̀ sí pé nǹkan jẹ́ ẹ̀yà ara nǹkan mìíràn, ó lè jẹ́ pé ó jẹ́ oríṣi kan nínú rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n kàn gbé e síbẹ̀, bí ẹ̀wà ṣe ń wà nínú ìkòkò. Ìdánwò tó ń ya oríṣi sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀yà rọrùn: ẹ fi "jẹ́" sáàárín wọn. Máńgòrò jẹ́ èso, ó dùn-ún gbọ́. Táyà jẹ́ mọ́tò, rárá o. Nǹkan tó bá gba "jẹ́" báyìí, oríṣi ni, kì í ṣe ẹ̀yà.

Ọ̀rọ̀ apá àti òdindi yìí jinlẹ̀ ju bí àwọn ìwé lẹ́sìn ṣe ń gbé e lọ. Ní 1987, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, Winston, Chaffin àti Herrmann, pín in sí oríṣi mẹ́fà. Mi ò ní ka gbogbo rẹ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ wo díẹ̀. Táyà jẹ́ ẹ̀yà mọ́tò, ó ní iṣẹ́ tirẹ̀ tó ń ṣe níbẹ̀. Igi kan nínú igbó ò ní iṣẹ́ tó ń ṣe fún igbó. Ó kàn wà lára ọ̀pọ̀ ni. Ege búrẹ́dì jọ búrẹ́dì tí wọ́n gé e lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, táyà ò jọ mọ́tò. Àdúgbò náà tún yàtọ̀: Festac wà lára ìjọba ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, ẹnì kan ò sì lè tú u kúrò bíi táyà. Òǹkọ̀wé ìdánwò tó gbọ́n lè fi igi : igbó bi ọmọ, kó wá to ẹ̀ka : igi àti ọmọ ogun : ẹgbẹ́ ọmọ ogun sísàlẹ̀. Apá àti òdindi ni méjèèjì. Ọmọ ogun ló tọ́, torí pé ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀ irú ara rẹ̀ ni, bí igi ṣe jẹ́ nínú igbó.

Ẹ̀yin tó ń gbé Festac ní àpẹẹrẹ tó dùn lójú pópó yín. Wọ́n kọ́ ìlú yìí láti fi gba àwọn àlejò àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú ní 1977, áfẹ́níù, róòdù àti kílóòsì ni wọ́n sì pín in sí. Tíṣà kan lè rò pé ilé : kílóòsì àti kílóòsì : róòdù dọ́gba, nítorí pé bí a ṣe ń kọ àdírẹ́sì nìyẹn, láti kékeré bọ́ sí ńlá. Ẹ sọ gbólóhùn rẹ̀, ẹ ó rí i. Ilé wà nínú kílóòsì. Kílóòsì yà láti ara róòdù ni, kò sí nínú rẹ̀. Èèyàn lè rin róòdù náà já láì wọ kílóòsì kankan. Kílóòsì : róòdù sún mọ́ ẹ̀ka : igi ju ilé : kílóòsì lọ. Ọmọ tó ń gun kẹ̀kẹ́ káàkiri àdúgbò yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀, tíṣà tó ń wo àdírẹ́sì lórí ìwé sì lè má mọ̀.

Ìbéèrè kẹta ló mú kí n kọ nǹkan yìí. Èdè Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, àmọ́ ohun tó ń bèèrè nìyí: ìka ọwọ́ jẹ́ sí ọwọ́ bí ìka ẹsẹ̀ ṣe jẹ́ sí kí ni? Lára àwọn ìdáhùn ni fúùtù, lẹ́ẹ̀gì, bàtà àti orúnkún. Ọmọ náà mú lẹ́ẹ̀gì. Tíṣà fàlà sí i. Mo ní kó sọ gbólóhùn rẹ̀ fún mi ní Yorùbá. Ó ní, "Ìka ọwọ́ wà lára ọwọ́, ìka ẹsẹ̀ wà lára ẹsẹ̀." Kí ló tún kù? Afárá yẹn dúró digbí. Ibi tí ọmọ ti ṣubú ni ìgbà tó fẹ́ gbé "ẹsẹ̀" padà sí èdè Òyìnbó. Ohun tí Òyìnbó fi ọ̀rọ̀ méjì pín sọ́tọ̀, fúùtù láti ọrùn ẹsẹ̀ lọ sí ìka, lẹ́ẹ̀gì láti itan wá sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. A lè ya itan, orúnkún, ojúgun àti àtẹ́lẹsẹ̀ sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n a ò ní ọ̀rọ̀ kan tó gé ẹsẹ̀ níbi tí fúùtù ti gé e.

Ti ọwọ́ wá yàtọ̀ díẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti dùn. A ní apá, a sì ní ọwọ́. Tí ìbéèrè bá ní háńdì jẹ́ sí áàmù bí fúùtù ṣe jẹ́ sí lẹ́ẹ̀gì, ọmọ tó ń ronú ní Yorùbá lè rí ọwọ́ : apá, á sì wá bá ẹsẹ̀ : ẹsẹ̀ níwájú. Ó máa rò pé wọ́n ń tan òun ni. Tíṣà tó bá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ ò ní kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé pé ọmọ ò lè ronú. Ọ̀rọ̀ méjì ló máa kọ́ ọ, á fi ọwọ́ kan ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn án níbi tí Òyìnbó ti pààlà, ọ̀rọ̀ á sì parí.

Ìkẹrin jẹ́ ti bí nǹkan ṣe le tó. Sìmáìlì : láàfù ni wọ́n fún un, ó sì mú bẹ̀gíìnì : sítáàtì, èyí tí méjèèjì túmọ̀ sí bíbẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni òjò tó ń ṣẹ̀ winniwinni sí òjò tó ń rọ̀ gidi. Mo bi í léèrè ìdí. Ó ní, "Rẹ́rìn-ín ni, sà. Rẹ́rìn-ín náà ni èkejì." Ẹ rí i bí? Òyìnbó fún ìpele kọ̀ọ̀kan lórí àkàsọ̀ ní orúkọ tirẹ̀. Yorùbá sábà máa ń fi ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo sílẹ̀, á wá so ìrù mọ́ ọn: rẹ́rìn-ín músẹ́, rẹ́rìn-ín kèékèé. Ọmọ gé ìrù náà dànù nígbà tó ń túmọ̀ sínú, ló bá di pé ọ̀rọ̀ méjì náà jẹ́ ọ̀kan. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni èdè wa ń ṣe bẹ́ẹ̀ o: omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti èyí tó gbóná, ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó wọ́pọ̀ débi pé mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n fi ìrù sí i kí wọ́n tó fi wé nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n béèrè èwo ló le jù nínú méjèèjì, ti àkọ́kọ́ àbí ti ìkejì. Ẹ̀rín músẹ́ kò tó ẹ̀rín kèékèé; òjò winniwinni kò tó òjò ńlá. Bíbẹ̀rẹ̀ àti bíbẹ̀rẹ̀ dọ́gba, nítorí náà kò wọlé.

Àwọn ìrù yìí fúnra wọn lè di ìbéèrè tó dáa ju èyí tó wà nínú ìwé Òyìnbó lọ. Pupa : fòò :: dúdú : ___. Kirikiri ni. Kún : fọ́fọ́ :: mọ́ : ___. Tónítóní ni. Ẹni tó bá dáhùn pé dọ̀tí ti bọ́ sí òdìkejì, ìyẹn sì ni ẹ̀tàn tó gbajúmọ̀ jù nínú ti ìwọ̀n, nítorí pé òdìkejì ló máa ń sọ síni lọ́kàn kíákíá. A tilẹ̀ ní èyí tó jẹ́ pé ohùn lásán ló ń sọ bí nǹkan ṣe tóbi tó: nǹkan tó ṣe róbótó kéré, nǹkan tó ṣe ròbòtò tóbi. Ohùn òkè fún kékeré, ohùn ìsàlẹ̀ fún ńlá. Mi ò tíì rí ìwé lẹ́sìn kan tó bi ọmọ ní irú èyí, ó sì dùn mí.

Nítorí náà, nínú mẹ́rin tí ọmọ yẹn kùnà, méjì jẹ́ ti ìrònú: ó yí ọ̀kan padà, afárá ìkejì fẹ̀ jù. Méjì tó kù jẹ́ ti èdè. Ọ̀nà láti mọ̀ wọ́n yàtọ̀ ni ohun tí mo ṣe fún un: ẹ jẹ́ kí ọmọ sọ gbólóhùn rẹ̀ síta ní èdè tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Tí gbólóhùn bá tọ́, tí ìdáhùn ò tọ́, ẹ lọ wo ọ̀rọ̀ tó fẹ́ túmọ̀. Tí gbólóhùn fúnra rẹ̀ ò bá dúró, afárá ni kí ẹ bá a tún ṣe. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé náà fún tíṣà rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ọgbọ́n afárá náà ní ibi tó mọ. Ní Amẹ́ríkà, ìdánwò SAT lo irú ìbéèrè yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀kan nínú wọn di gbajúgbajà nítorí àríyànjiyàn: sárésáré jẹ́ sí eré ìje máráfọ́ọ̀nù bí ta ni ṣe jẹ́ sí kí ni? Réfẹrì : ìdíje wà níbẹ̀, ẹṣin : ilé ẹṣin wà níbẹ̀, pẹ̀lú awakọ̀ ojú omi : rẹ̀gátà. Tí afárá bá jẹ́ "sárésáré máa ń wà níbi máráfọ́ọ̀nù," réfẹrì wọlé, torí pé réfẹrì máa ń wà níbi ìdíje. Ẹ fún un pọ̀ díẹ̀: "sárésáré ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ díje nínú máráfọ́ọ̀nù." Réfẹrì jáde. Awakọ̀ ló kù. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ò gbọ́ rẹ̀gátà rí láyé rẹ̀ ò lè dé ibẹ̀, bó ti wù kí afárá rẹ̀ dára tó. Àwọn alátakò sọ pé ọmọ olówó tó ń wa ọkọ̀ ní kílọ́ọ̀bù ló mọ ọ̀rọ̀ náà, pé ọmọ tálákà láàárín ìlú ò lè mọ̀ ọ́n. Ní 2005, SAT yọ ìbéèrè ọ̀rọ̀ méjì-méjì kúrò pátápátá.

Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, torí pé ní Èkó níbí, rẹ̀gátà kì í ṣe ọ̀rọ̀ olówó. Wọ́n ṣe é létí omi ní Ìkòyí nígbà àjọ̀dún 1977, àwọn ọlọ́kọ̀ wá láti agbègbè olómi, ọkọ̀ tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ìlù àti orin lójú omi. Ọmọ apẹja ní Ẹ̀pẹ́ tàbí ní Àgbádárìgì lè gba ìbéèrè tí ọmọ ìlú ńlá ní Amẹ́ríkà kùnà. Tí ẹ bá wá bi ọmọ apẹja yẹn nípa máráfọ́ọ̀nù, ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni òun náà ti máa dúró.